Ojú Ìwé Tí Kò Lè Ní Àkọlé Tirẹ̀

Ká ní ìyá kan ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, tí ọmọ rẹ̀ sì bá a ṣí ìsọ̀ sórí ayélujára. Ọmọ náà lo WordPress, ó fi WooCommerce kún un kó lè máa gbowó, ó ya fọ́tò oríṣi aṣọ 48, ó kọ iye owó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ṣí Google Search Console, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Google fi ń fi ohun tó mọ̀ nípa ìkànnì kan han ẹni tó ni ín, ó sì rí i pé ojú ìwé tí Google ti bá pàdé níbẹ̀ lé ní 700. Aṣọ 48 ló gbé síbẹ̀. Ta ló kọ ìyókù?

Kò sẹ́ni tó kọ wọ́n. Ẹ̀rọ ló ń bí wọn. Àpẹẹrẹ ni mo fi ìsọ̀ yìí ṣe, ṣùgbọ́n bí ojú ìwé ṣe ń pọ̀ nìyẹn níbikíbi tí wọ́n bá ti ń lo irinṣẹ́ kan náà. Nígbàkígbà tí ọmọ yìí bá gbé fọ́tò kan sókè, WordPress a ṣí ojú ìwé kan fún fọ́tò yẹn nìkan, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Fọ́tò márùn-ún fún aṣọ kan, aṣọ 48, ojú ìwé 240 nìyẹn. (Láti WordPress 6.4, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìkànnì tuntun kì í ṣe èyí mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣe é.) Gbogbo táàgì tó bá kọ sára aṣọ, "búlúù", "aláwọ̀ búlúù", "aláró", ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di ojú ìwé, kódà bó jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àpilẹ̀kọ kéékèèké tó kọ nípa bí a ṣe ń fọ àdìrẹ kí aró rẹ̀ má ṣí tún bí tiwọn: ojú ìwé kan fún orúkọ òǹkọ̀wé, òmíràn fún oṣù tó kọ ọ́. Bí oníbàárà bá sì ní kí wọ́n to aṣọ láti orí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, àdírẹ́ẹ̀sì tuntun á jáde tó parí sí `?orderby=price`. Aṣọ kan náà ló wà níbẹ̀, ètò wọn nìkan ló yí padà.

Nígbà tí wọ́n bá ní kí á tún irú ìkànnì báyìí ṣe, iṣẹ́ méjì ni àwọn ènìyàn máa ń kà sílẹ̀: ká yan àwọn tí Google kò gbọdọ̀ fi han ènìyàn, kí á sì fún àwọn tó kù ní àkọlé tó yàtọ̀ síra. Wọ́n á ṣe àkọ́kọ́ lónìí, wọ́n á ṣe èkejì lóṣù tó ń bọ̀. Èmi gbà pé iṣẹ́ kan náà ni. Ojú ìwé tí ẹ kò bá lè fún ní àkọlé tó yàtọ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀, láìṣe pé ẹ ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ lé e lórí, kò ní ìdí tí Google yóò fi tọ́jú rẹ̀. Àkọlé ló ń dán ojú ìwé wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó burú nínú ọ̀pọ̀ ojú ìwé yìí, nítorí àsọdùn pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé Google máa ń fìyà jẹ ẹni tí ojú ìwé rẹ̀ bá jọra. Kò rí bẹ́ẹ̀. Google fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba láti ọdún 2008 pé kò sí irú ìjìyà bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dà lásán. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kó àwọn tó jọra jọ, ó sì ń mú ọ̀kan nínú wọn ṣe aṣojú, àwọn yòókù á wà lẹ́yìn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé òun ló ń yan aṣojú yẹn, ó sì lè yan èyí tí ẹ kò fẹ́. Ẹni tó ń wá àdìrẹ aláró lè bá ara rẹ̀ lórí ojú ìwé tí wọ́n to aṣọ rẹ̀ láti orí èyí tó wọ́n jù, kó wo owó àkọ́kọ́, kó sì yí padà.

Ojú ìwé tó fẹ́lẹ́, tí kò ní nǹkan nínú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún yàtọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2011, Google yí bó ṣe ń to èsì padà nítorí irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe àyípadà náà ní Panda, ó sì kan nǹkan bí ìpín 12 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń wá ní Amẹ́ríkà. Àwọn ìkànnì tó kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé gbẹrẹfu rí i pé àwọn ojú ìwé wọn tó dára náà bá wọn lọ sílẹ̀. Panda kò dá dúró mọ́ lónìí, ó ti wọ inú bí Google ṣe ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Fún ìsọ̀ kékeré, ohun tí wọ́n sáábà máa ń rí ni pé Google á wá, á ka ojú ìwé, á sì kọ̀ láti gbà á. Search Console á kọ ọ́ síbẹ̀: `Crawled - currently not indexed`. Bí irú ìlà yìí bá pọ̀, tí ojú ìwé aṣọ gidi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà nínú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó tó àkókò.

Ẹ̀rù mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ jù sílẹ̀. Wọ́n á ní ojú ìwé tó pọ̀ ń jẹ àkókò Googlebot, ẹ̀rọ tó ń ka ìkànnì fún Google, títí kò fi ní ráyè ka èyí tó ṣe pàtàkì. Google sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kan ìkànnì tí ojú ìwé rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, tàbí èyí tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sókè tó sì ń yí padà lójoojúmọ́. Ìsọ̀ alàdìrẹ kò sí níbẹ̀.

Kí ni `noindex` gan-an? Ìlà kan ni, tó ń gbé orí ojú ìwé, níbi tí ojú ènìyàn kò dé:

```
<meta name="robots" content="noindex, follow">
```

Ó ń sọ fún Googlebot pé: kà á, tẹ̀ lé líǹkì inú rẹ̀, ṣùgbọ́n má fi sínú àkójọ. Ojú ìwé náà ṣì wà. Oníbàárà tó wà nínú ìsọ̀ lè tẹ̀ ẹ́, kó lò ó. Ẹni tó ń wá nǹkan lórí Google nìkan ni kò ní rí i. Ibi tí mo ti ń mú ìlànà mi nìyí: `noindex` wà fún ojú ìwé tó wúlò fún ẹni tó ti wọ inú ìsọ̀, tí kò sì ní ohunkóhun fún ẹni tó ń bọ̀ láti ìta. Bí kò bá wúlò fún ẹnikẹ́ni, ẹ pa á rẹ́. Bó bá ní ìbejì, ẹ so ó mọ́ ìbejì rẹ̀. Bó bá ní ohun tí ará ìta ń wá ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kéré, ẹ kún un. Àwọn tó ń lu gbogbo nǹkan ní `noindex` máa ń gbàgbé pé ọ̀nà mẹ́ta mìíràn wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ìsọ̀ ìyá alàdìrẹ. Kí ọmọ yìí tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ti ń mówó wọlé. Nínú Search Console, abala tí wọ́n ń pè ní `Performance` ń tọ́jú oṣù 16. Kó yan oṣù 16 náà pátá, kó tẹ `Pages`, kó sì gba gbogbo rẹ̀ sínú síprẹ́dìṣíìtì. Ìlà kọ̀ọ̀kan á ní àdírẹ́ẹ̀sì ojú ìwé, iye ìgbà tí Google fi han ènìyàn, àti iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kó to wọ́n láti orí èyí tí wọ́n tẹ̀ jù. Bí kò bá ṣe èyí, ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn tí àwọn oníbàárà ń gbà wọlé, nítorí ojú ìwé tó dà bí ẹni pé kò wúlò lójú onísọ̀ lè jẹ́ èyí tí Google ń fi rán ènìyàn wá.

Ojú ìwé fọ́tò 240 ló rọrùn jù. Kò sí oníbàárà tó nílò wọn nínú ìsọ̀, kò sí ará ìta tó ń wá wọn. `noindex` kọ́ ni ojútùú wọn. Kí ó darí wọn lọ sí fọ́tò gan-an tàbí sí aṣọ tó ni wọ́n, ètò kan wà fún un nínú Yoast SEO àti nínú irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Títẹ̀ kan, 240 ti lọ.

Ojú ìwé tí wọ́n fi ń to aṣọ, èyí tó ní `?orderby=` nínú àdírẹ́ẹ̀sì, ẹ̀dà ni. Oníbàárà nílò rẹ̀, nítorí náà a kò lè pa á rẹ́, a kò sì lè darí rẹ̀ síbòmíràn. Ohun tó yẹ ni ìlà tí Google, Yahoo àti Microsoft jọ gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2009, tó ń tọ́ka sí ojú ìwé tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn ẹ̀dà:

```
<link rel="canonical" href="https://example.com/shop/">
```

Yoast máa ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ yìí ṣí ọ̀kan, kó wo kóòdù rẹ̀, kó rí i pé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìmọ̀ràn ni ìlà yìí jẹ́ fún Google, kì í ṣe àṣẹ. Bí ojú ìwé méjèèjì kò bá jọra tó, Google á ṣe bó ṣe wù ú. Ẹ má sì fi òun àti `noindex` sórí ojú ìwé kan náà. Ọ̀kan ń sọ pé "ojú ìwé yẹn ni mo jẹ́", èkejì ń sọ pé "ẹ gbàgbé mi", ẹ kò sì mọ èyí tí Google máa gbọ́.

Ojú ìwé òǹkọ̀wé: ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ̀wé níbẹ̀, nítorí náà ojú ìwé rẹ̀ àti ojú ìwé gbogbo àpilẹ̀kọ kò yàtọ̀ rárá. Kó pa á. Bákan náà ni ojú ìwé oṣù. Àpótí ọjà, ibi ìsanwó àti àkáǹtì oníbàárà, WooCommerce ti fi `noindex` sí wọn. WordPress náà ń fi sí èsì ìwárí inú ìkànnì láti ẹ̀dà 5.7 tó jáde ní 2021. Kò sí iṣẹ́ níbẹ̀.

Táàgì ni iṣẹ́ wà. Ká ní ó ní 130, kí mẹ́rin péré nínú wọn sì ti rí ẹni tó tẹ̀ wọ́n láti Google láàárín oṣù 16 náà. "Búlúù", "aláwọ̀ búlúù" àti "aláró" wà lára wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń fi aṣọ 19 kan náà hàn. Ìbejì ni wọ́n, oníbàárà kò sì nílò ju ọ̀kan lọ. Kó mú "aláró", kó fi àtúndarí 301, èyí tó ń gbé ènìyàn àti Google lọ láìpadà, darí méjì yòókù síbẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni "aṣọ ẹbí". Aṣọ méjìlá ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ ju orúkọ àti owó lọ. Bí ẹ bá wo ó lásán, ẹ ó ní ó fẹ́lẹ́, ẹ ó sì lù ú ní `noindex`. Àṣìṣe ńlá ni yóò jẹ́! Ẹni tó ń wá àdìrẹ fún aṣọ ẹbí ní ìbéèrè tí ojú ìwé aṣọ kan kò lè dáhùn: iye yáàdì tí ẹ lè rẹ lẹ́ẹ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ kò ní yàtọ̀ síra, ọjọ́ tó máa gbà bó bá jẹ́ fún ogójì ènìyàn, owó tí wọ́n ń kọ́kọ́ san, àti bóyá ẹ lè fi ìdì kan ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá mọ gbogbo èyí lórí. Kí ọmọ jókòó tì í, kó kọ ọ́ sókè ojú ìwé náà, ní ìpínrọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ojú ìwé tó fẹ́lẹ́ di èyí tó wúlò jù nínú ìsọ̀.

Àwọn táàgì tó kù, tó ní aṣọ kan tàbí méjì, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ láti ìta, tí kò sì sí lójú pátákó ìsọ̀ níbi tí oníbàárà ti lè rí wọn, kó pa wọ́n rẹ́. Bí mélòó kan bá wà tí oníbàárà ń lò láti fi ṣẹ́ aṣọ, bíi "yáàdì 2" àti "yáàdì 5", àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni `noindex` wà fún.

Àwọn ohun mẹ́ta ló sábà ń bàjẹ́ níbi iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́ ni mo rí jù. Ènìyàn á fi `noindex` sí ojú ìwé táàgì, lẹ́yìn náà, kó lè dá a lójú, á tún lọ sínú fáìlì `robots.txt`, á kọ ọ́ pé kí Googlebot má dé ibẹ̀:

```
User-agent: *
Disallow: /product-tag/
```

Ohun tó ṣe yìí ti ba tàkọ́kọ́ jẹ́. Googlebot kò lè ka àṣẹ tó wà nínú ojú ìwé tí wọ́n ní kó má ṣí. Àwọn ojú ìwé náà á wà nínú àkójọ bí wọ́n ṣe wà, tàbí kí wọ́n hàn nínú èsì láìsí àlàyé lábẹ́ wọn. Àwọn kan tún máa ń kọ `noindex` sínú `robots.txt` fúnra rẹ̀. Google ti dẹ́kun láti máa ka ìyẹn láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ títí Google yóò fi wọlé, tí yóò sì rí àṣẹ náà. Bí ẹ bá ń kánjú, irinṣẹ́ `Removals` nínú Search Console lè gbé ojú ìwé pamọ́ ní kíákíá, ṣùgbọ́n nǹkan bí oṣù mẹ́fà péré ni, àṣẹ gidi ṣì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìkejì ni ojú ìwé kejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin nínú ìsọ̀, àwọn `/shop/page/2/`. Àwọn kan gbà pé ẹ̀dà ni wọ́n, wọ́n á fi `noindex` sí wọn. Kì í ṣe ẹ̀dà. Aṣọ tó wà lójú ìwé kejì kò sí lójú ìwé àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni Googlebot ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. John Mueller ti Google ṣàlàyé ní ọdún 2017 pé bí `noindex` bá pẹ́ lórí ojú ìwé kan, Google á ju ojú ìwé náà nù, kò sì ní máa tẹ̀ lé líǹkì inú rẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ pé ẹ kọ `follow` síbẹ̀. Aṣọ tí ojú ìwé kejì nìkan ń tọ́ka sí lè wá sọnù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ìkẹta kò gùn. Nínú WordPress, lábẹ́ `Settings` àti `Reading`, àpótí kékeré kan wà tó ní `Discourage search engines from indexing this site`. Wọ́n máa ń fàmì sí i nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìkànnì lọ́wọ́, kí ayé má tíì rí i. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìsọ̀, gbogbo ojú ìwé ló gba `noindex`. Bí gbogbo ìkànnì bá dédé ń parẹ́ lórí Google, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Nígbà tí ìyẹn bá parí, ó ku aṣọ 48, ìsọ̀rí mẹ́sàn-án, táàgì méjì tó ní ẹ̀mí, àti àwọn àpilẹ̀kọ. Àkọlé ló kàn báyìí. Èyí tí mo ń sọ ni ohun tó wà láàárín `<title>` àti `</title>`, tó ń hàn nínú èsì Google ní lẹ́tà ńlá. Nínú ìsọ̀ yìí, aṣọ mọ́kànlélógún ló ń jẹ́ "Àdìrẹ Tó Rẹwà", tí orúkọ ìsọ̀ sì tẹ̀ lé e. Kí ọmọ náà ṣí síprẹ́dìṣíìtì, kó kọ àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, àkọlé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó sì to àwọn àkọlé ní A, B, D. Àwọn tó jọra á sún mọ́ ara wọn. Ojú nìkan á fi hàn án.

Kí ló yẹ kí ó wà níbẹ̀? Ohun tí ẹni tó mọ aṣọ fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyá kì í pe aṣọ rẹ̀ ní "àdìrẹ tó rẹwà" nígbà tó bá ń sọ ọ́ fún alájàpá ẹgbẹ́ rẹ̀. Á sọ bí wọ́n ṣe ṣe é: oníkó ni, tí wọ́n fi ikó dì, alábẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n rán, tàbí ẹlẹ́kọ ni, tí wọ́n fi ẹ̀kọ gbágùúdá yà kí aró má dé ibẹ̀. Á sọ orúkọ àrà tó wà lára rẹ̀: Ìbàdàn Dùn, tó ní òpó Gbọ̀ngàn Màpó nínú, tàbí Olókun. Á sọ irú aṣọ tí wọ́n rẹ àti iye yáàdì. Láti inú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, àkọlé á jáde fúnra rẹ̀: "Ìbàdàn Dùn: àdìrẹ ẹlẹ́kọ aláró, yáàdì 5". Òmíràn: "Olókun lórí kọ́tìnnì fífẹ́lẹ́, àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún ìró àti bùbá". Èkẹta: "Àdìrẹ oníkó aláwọ̀ méjì fún ẹ̀wù ọkùnrin". Kò sí ẹni tó máa ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ síwájú, kí orúkọ ìsọ̀ wà lẹ́yìn pátápátá. Google kò fi òdiwọ̀n sí àkọlé, ṣùgbọ́n fífẹ̀ ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ló ń gé e, ohun tó bá sì kọjá nǹkan bí lẹ́tà 55 sí 60 lè má hàn. Nípa àmì ohùn, èrò tèmi ni pé kí àkọlé ní i, nítorí ènìyàn ló máa kà á, kí àdírẹ́ẹ̀sì ojú ìwé wà láìní i, bíi `adire-eleko-ibadan-dun`, kó má bàa di ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kà nígbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí Wátísáàpù. Ẹ tún wo abala `Queries` nínú Search Console. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ "aṣọ ẹbí" ni wọ́n ń tẹ̀, tí àkọlé yín ń sọ pé "aṣọ àjọ̀dún", ẹ mọ èyí tó yẹ kó yí padà.

Àwọn kan máa ń ní kí ẹ̀rọ bá wọn ṣe é. Yoast ní àwòṣe bíi `%%title%% %%page%% %%sep%% %%sitename%%`, tó ń mú orúkọ aṣọ, tó sì ń so orúkọ ìsọ̀ mọ́ ọn. Kò burú fún aṣọ 5,000. Ṣùgbọ́n àwòṣe kò lè mú ohun tí kò sí níbẹ̀ jáde. Bí orúkọ aṣọ mọ́kànlélógún bá jẹ́ ọ̀kan, àkọlé mọ́kànlélógún á jẹ́ ọ̀kan. Fún aṣọ 48, ẹ fọwọ́ kọ ọ́. Ọ̀sán kan tó fún un.

Ìdí mìíràn wà tó fi yẹ ká fọwọ́ kọ ọ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021, Google ti ń yí àkọlé padà nínú èsì rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lè mú àkọlé ńlá tó wà lójú ìwé, tàbí ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá rí níbẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Google sọ pé òun ṣì ń lo àkọlé tí onílé kọ ní nǹkan bí ìgbà 87 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára àwọn àkọlé tó ń yí padà ni èyí tó jẹ́ ààbọ̀, èyí tó ti gbó, tó ṣì ń pe ọdún tó kọjá, àti èyí tí ọ̀rọ̀ kan náà wà lórí ọ̀pọ̀ ojú ìwé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àkọlé ńlá ojú ìwé àti `<title>` máa sọ ohun kan náà, kódà bí wọn kò bá jọra lẹ́tà sí lẹ́tà. Àwọn ojú ìwé kejì àti ẹ̀kẹta nínú ìsọ̀ nìkan ni Google gbà kí àkọlé wọn jọra.

Ibi tí àkọlé ti ń dán ojú ìwé wò ni mo fẹ́ gbà yín lálejò pẹ́ díẹ̀. Ká ní ọmọ yìí dé orí aṣọ mẹ́ta kan, oníkó aláró ni gbogbo wọn, yáàdì márùn-ún, owó kan náà, fọ́tò wọn jọra. Ó kọ "Àdìrẹ oníkó aláró, yáàdì 5" fún ti àkọ́kọ́. Fún èkejì, ó kọ "Àdìrẹ oníkó aláró tó dára". Fún ẹ̀kẹta, "Ojúlówó àdìrẹ oníkó aláró". Ibẹ̀ ló yẹ kó dúró. "Tó dára" àti "ojúlówó" kò ya aṣọ kankan sọ́tọ̀. Kó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá ìyá, kó béèrè ohun tó yà wọ́n. Bí ìyá bá ní, "Wo ti àárín yìí, omi aró mẹ́ta ni mo rì í, ìdí ẹ̀ tó fi dúdú nìyẹn," àkọlé ti dé: "Àdìrẹ oníkó aró dúdú, rírì mẹ́ta". Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà nínú ojú ìwé náà ti dé pẹ̀lú. Bí ó bá ní, "Kò sí ìyàtọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo rẹ wọ́n," ojú ìwé kan ni kí wọ́n jẹ́. Kó kó fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ọ̀kan, kó fi 301 darí méjì yòókù wá. Ẹ kò ní lo `noindex` níbẹ̀, nítorí àdírẹ́ẹ̀sì méjèèjì lè ti wà lọ́wọ́ ẹni tó fi líǹkì wọn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, 301 nìkan ló sì máa gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ débi tó ń lọ.

Ẹ óò rí i pé kò sí aṣọ kankan tí mo ní kí ó gba `noindex`. Ojú ìwé ọjà tó fẹ́lẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́. Bí aṣọ bá wà fún títà, ó ní ohun tí ẹnì kan lè máa wá, ó kàn jẹ́ pé a kò tíì sọ ọ́ ni.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ó yọ gbogbo ojú ìwé tó gba `noindex` àti gbogbo èyí tó darí síbòmíràn kúrò nínú `sitemap.xml`, àkọsílẹ̀ tí ìkànnì fi ń sọ fún Google pé àwọn ojú ìwé mi nìyí. Yoast ń yọ wọ́n fúnra rẹ̀ bó bá jẹ́ inú ètò rẹ̀ ni ẹ ti fi `noindex` sí wọn. Kí ó sì ní sùúrù. Ojú ìwé tí Google ń bẹ̀ wò lójoojúmọ́ lè kúrò nínú àkójọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, táàgì tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò lè gba oṣù. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa ọ̀kan pàtó, kó lẹ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ mọ́ inú `URL Inspection`, yóò sọ ọjọ́ tí Google dé ibẹ̀ kẹ́yìn àti bóyá ó rí `noindex`.

Lẹ́yìn oṣù méjì, kó padà sí abala `Pages` nínú Search Console, kó ṣí ìlà `Excluded by 'noindex' tag`, kó sì ka gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Táàgì "yáàdì 2" àti irú rẹ̀, àpótí ọjà àti ibi ìsanwó ló yẹ kó rí. Bí ó bá rí àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `/product/`, aṣọ gidi ti bọ́ síbẹ̀ láìyẹ. Kó ṣí aṣọ náà nínú WordPress, kó wá ètò Yoast lábẹ́ rẹ̀, kó yí i padà sí èyí tó gba Google láàyè, kó wo kóòdù ojú ìwé náà kó rí i pé ìlà `noindex` ti kúrò, lẹ́yìn náà kó lẹ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ mọ́ inú `URL Inspection`, kó sì tẹ `Request Indexing`.